Ìrora Ẹ̀gbẹ́ Ihò Ìdí: Ìgbà Wo Ló Ń Dùn Yín?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ lónìí, kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé sọ ní gbangba. Ẹni tí orí ń fọ́ á pariwo rẹ̀ fún gbogbo ilé. Ẹni tí ìdí ń dùn á máa fi ìdí kan ṣoṣo jókòó, bí wọ́n bá sì bi í pé kí ló dé, á ní kò sí nǹkan kan. Èmi kò ní tijú, ẹ̀yin náà ẹ má tijú. Ihò ìdí ni màá máa pè é títí tí a ó fi parí.

Iṣẹ́ abẹ ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ ìfun àti ìdí ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó ń wá bá mi kì í sábà béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n, torí wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ilé. "Dókítà, jẹ̀díjẹ̀dí mi ló tún dé." Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, tí mo bá wò ó, màá rí i pé awọ ló ya, tàbí kí ó jẹ́ pé eéwo ló wà níbẹ̀, tí ọyún ti kóra jọ sínú rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè dunni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè mú kí ọwọ́ ba nǹkan tó yọ tàbí tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí. Jẹ̀díjẹ̀dí lè dúró dè wá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, awọ tó ya náà lè dúró. Ọyún kì í dúró.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi aláìsàn kì í ṣe ibi tó ń dùn ún. Ìgbà tó ń dùn ún ni mo máa ń bi í. Màá ní kó ròyìn ọjọ́ àná fún mi: bí ó ṣe jí, bí ó ṣe lọ ṣe ìgbẹ́, bí ó ṣe jókòó síbi iṣẹ́, bí ó ṣe sùn. Kí ó tó dé orí oorun, mo sábà máa ń ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ tọ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ọ̀nà tí ìgbẹ́ ń gbà jáde, láti ibi tí ìfun ńlá ti parí títí dé ojú ihò, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 4 lọ. Síbẹ̀, ìlà kan wà láàárín rẹ̀ tó pín in sí òkè àti ìsàlẹ̀. Òkè ìlà yẹn, awọ inú ìfun ló bò ó, kò sì mọ ìrora bí awọ ara ṣe mọ̀ ọ́n. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ awọ ara gidi, ó sì wà lára ibi tí ìmọ̀lára ti pọ̀ jù lọ lára ọmọ èèyàn. Jẹ̀díjẹ̀dí tó wà nínú, òkè ìlà yẹn ló ti ń wú. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá ń tọ́jú irú rẹ̀, a máa ń fi rọ́bà kékeré kan so ó lọ́rùn pinpin kó lè gbẹ kó já, a kì í sì í fún ẹni náà lábẹ́rẹ́ kankan. Á jókòó, a ó so ó, á dìde. Ó lè ní ó ń ṣe òun bíi pé òun fẹ́ yàgbẹ́, ó sì lè rò ó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pariwo. Bí rọ́bà náà bá ṣèèṣì bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà, ojú ẹsẹ̀ ni a ó mọ̀, torí igbe rẹ̀ kò ní ṣe é dá dúró.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó bá ní ìdí òun ń dùn òun gan-an, tó sì ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó yẹ ká tún un wò. Jẹ̀díjẹ̀dí lásán kì í dunni bẹ́ẹ̀. Ó máa ń da ẹ̀jẹ̀ pupa yòò, tí yóò máa kán tótó lẹ́yìn ìgbẹ́. Ó máa ń yún èèyàn. Ó máa ń yọ síta, kó tún padà fúnra rẹ̀ tàbí kí a fi ọwọ́ tì í padà. Ó máa ń jẹ́ kí ìdí wúwo. Ṣùgbọ́n kí ó gbé èèyàn dìde lórí oorun? Rárá, àyàfi tí ohun mìíràn bá ti ṣẹlẹ̀ sí i. Màá padà sórí ìyẹn.

Awọ tó ya ni ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, torí ìròyìn tirẹ̀ ṣe kedere jù. Ìgbẹ́ líle ló sábà máa ń ya á, ìgbẹ́ gbuuru náà lè ya á, ìrọbí náà lè ya á. Ẹni tó bá ní i, wákàtí ìgbẹ́ ni wákàtí ìyà rẹ̀. Bí ìgbẹ́ ṣe ń kọjá, ó ń gé e bíi pé ẹ̀rún ìgò ló ń jáde. Àwọn aláìsàn tí kò mọ ara wọn rí ló ń sọ gbólóhùn yìí fún mi bíi pé wọ́n jọ kọ́ ọ. Lẹ́yìn tó bá parí, ó lè rọlẹ̀ díẹ̀, kí ìrora kejì wá tẹ̀ lé e: ríro, jíjó, bíi pé ẹnì kan ń fún ibẹ̀ pọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ti ẹlòmíràn, ti ẹlòmíràn á tó wákàtí mélòó kan. Lẹ́yìn náà, á lọ pátápátá. Ẹni náà á jókòó, á rìn, á sùn dáadáa, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, títí ìgbẹ́ mìíràn yóò fi dé.

Kí ló fa ìrora kejì yẹn? Ẹran róbótó kan wà tó yí ihò ìdí ká láti inú, tó ń di í pa tọ̀sán-tòru láìjẹ́ pé a pàṣẹ fún un. Tí awọ bá ya, ẹran yìí á gan, á fún ara rẹ̀ pọ̀, kò sì ní fẹ́ tú. Gígan yẹn ló ń ro èèyàn. Ó tún ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dé ojú egbò, ìdí nìyẹn tí ohun tó kéré bẹ́ẹ̀ kì í fi tètè jiná. Ẹni náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, á máa pa ìgbẹ́ mọ́ra, ìgbẹ́ á túbọ̀ le, á sì tún ojú ibẹ̀ ya.

Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kì í pọ̀: ó máa ń wà lójú bébà tí a fi nu ìdí, tàbí kí ó fa ìlà pupa kan sí ara ìgbẹ́. Ẹ̀yìn gan-an, ní àárín, lápá egungun ìdí, ni nǹkan bíi 9 nínú 10 wọn máa ń wà. Ti àwọn obìnrin kan máa ń wà níwájú. Bí mo bá rí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò kì í fi ojú kékeré wò ó. Ikọ́ fée tí wọ́n ń pè ní TB lè ṣe irú rẹ̀, kòkòrò éèdì náà lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni rẹ́kórẹ́kó àti àìsàn inú ìfun kan tí wọ́n ń pè ní Króònù. Gbogbo wọn ló ní àyẹ̀wò tiwọn.

Wíwú ńkọ́? Awọ tó ya kì í wú lọ títí. Ṣùgbọ́n tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 6 tí kò jiná, ẹran kékeré kan á so sí ìdí ẹ̀ya náà lápá òde. Ó rọ̀, kò sì dunni tí a bá fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ẹni náà á bà á nígbà tó bá ń fọ ìdí, á sì sọ pé òun ti mú ọ̀daràn. Ọ̀daràn kọ́. Ẹ̀ya tó wà lókè rẹ̀ ló ń dunni. Oògùn jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń tì bọ ìdí kò sì lè ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, torí kì í tú ẹran tó gan, ó tún ń gba ojú egbò kọjá. Ohun tó ń wò ó ni kí ìgbẹ́ rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí èèyàn jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn ìgbẹ́, tó bá sì ti pẹ́, ìpara tó ń tú ẹran yẹn, irú bíi nitirogilísẹ́rì tàbí ditiásẹ́mù, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Nitirogilísẹ́rì máa ń fa ẹ̀fọ́rí, mo máa ń sọ ọ́ ṣáájú kí wọ́n má bàa dà á nù lọ́jọ́ kejì. Ìwọ̀nba tí kò bá gbọ́ ìyẹn ni a máa ń gbé dé yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ó ya, ẹ jẹ́ ká dé orí eéwo, òun ló gbé mi wá síbí.

Màá sọ ti obìnrin kan fún yín. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Aránṣọ ni, kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Ó ti ní jẹ̀díjẹ̀dí rí nígbà tó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ó gbà pé òun mọ̀ ọ́n dójú àmì. Ní ọjọ́ Àìkú, ó jókòó sórí ìjókòó líle kan, ó sì rí i pé apá òsì ìdí òun ń ro òun díẹ̀. Kò kà á sí. Ní ọjọ́ Ajé, ríro náà kò lọ. Ó yàgbẹ́ láàárọ̀, kò sì sí ohun tó gé e. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ra oògùn tí wọ́n ń tì bọ ìdí. Lóru ọjọ́ yẹn ni kò ti rí oorun sùn mọ́: ó ní ibẹ̀ ń lù kì, kì, kì, pé òun lè ka bí ọkàn òun ṣe ń lù láti ìdí òun. Tó bá wúkọ́, ó dà bíi pé wọ́n gún un. Ní ọjọ́rú, òtútù mú un, ara rẹ̀ gbóná. Ẹnì kan ní kó lo oògùn apakòkòrò, ó sì lò ó. Ní ọjọ́bọ̀, ibà náà rọlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ti ń gbádùn. Ṣùgbọ́n wíwú náà kò rọlẹ̀, ríro náà kò kúrò. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wọlé sí ọ́fíìsì mi, ó ń ya ẹsẹ̀ rìn, mo ní kó jókòó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ẹ jẹ́ kí n dúró."

Ẹ ronú sí ìròyìn yẹn. Níbo ni ìgbẹ́ ti wọ inú rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan péré, kò sì ṣe nǹkan kan. Ìrora rẹ̀ kò ní ìgbà tó ń lọ. Ó wà láàárọ̀, ó wà lọ́sàn-án, ó wà lóru, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé tòní ju tàná lọ. Ìjókòó, ìrìn, ikọ́, sísín, gbogbo ohun tó bá ti ń fún ibẹ̀ mọ́ra ló ń jẹ́ kó le sí i. Bí eéwo ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí ṣe ń ṣe nìyẹn: ọjọ́ ló fi ń gòkè, kì í sinmi.

Ohun tó ń fà á kì í ṣe ẹ̀gbin, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn. Àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké kan wà lórí ìlà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń mú omi yíyọ̀ jáde, ojú wọn sì ṣí sínú ihò ìdí. Bí ojú ọ̀kan bá dí, kòkòrò inú ìgbẹ́ á há sínú rẹ̀, á sọ ọ́ di ọyún. Ọyún yẹn á máa wá ọ̀nà jáde láàárín àwọn ẹran tó yí ihò ìdí ká. Èyí tó bá wá sí ìsàlẹ̀ á wú sí abẹ́ awọ, ọwọ́ á bà á. Èyí tó bá gba inú ọ̀rá tó wà lábẹ́ ìdí lọ á tóbi púpọ̀ kí ó tó hàn. Ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ lè ní i. Àwọn ọkùnrin ló sì ń ní i jù.

Nígbà tí mo wo obìnrin náà, ó wú ní apá òsì, nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 4 ní fífẹ̀, sẹ̀ntímítà 2 sí ojú ihò. Mi ò retí kí ó pọ́n. Lára ẹni tó dúdú, pípọ́n kì í fẹ́ hàn, ó lè kàn dúdú sí i ni. Ohun tí mo wò ni pé awọ ibẹ̀ nà, ó ń dán, ó sì gbóná ju apá kejì lọ nígbà tí mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Etí rẹ̀ le, àárín rẹ̀ ti ń rọ̀. Ara rẹ̀ gbóná tó 38.1. Mi ò ti ìka bọ inú ihò ìdí, kò sí ìdí tí máa fi fi ìyẹn jẹ ẹ́ níyà. A wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó dára. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn la la á.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé, ṣé oògùn apakòkòrò kò lè gbọ́ ọ ni? Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri ara. Inú àpò ọyún, ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn dé ibẹ̀. Oògùn á pa kòkòrò tó yí i ká, ibà á rọlẹ̀ bó ṣe rọlẹ̀ fún obìnrin yìí lọ́jọ́bọ̀, èèyàn á sì rò pé ó ti tán, nígbà tí ọyún ṣì ń pọ̀ nísàlẹ̀. Mo kórìíra ọjọ́ tí irú ara yíyá bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Eéwo tí à bá là lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń pa ìmọ̀lára ibẹ̀ nìkan, á wá di èyí tí a gbọ́dọ̀ kun èèyàn lóorun fún lọ́jọ́ kẹjọ. Oògùn apakòkòrò ní àyè tirẹ̀: ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí àìsàn tàbí oògùn kan ti sọ agbára ara rẹ̀ di ahẹrẹpẹ, ẹni tí wíwú rẹ̀ ti tàn ká awọ. Wọ́n á lò ó pẹ̀lú lílà, kì í ṣe dípò lílà.

Lílà náà kò le. A ó gé awọ ibẹ̀ díẹ̀, bí ó bá ti lè ṣe é ṣe kí ó súnmọ́ ojú ihò tó, ọyún á jáde, a ó fi omi ṣan inú rẹ̀. A kì í rán ojú rẹ̀ pa, nítorí tí awọ bá jiná kí inú tó kún, ọyún mìíràn á kó síbẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ẹni náà á máa jókòó sí, á fi nǹkan tó ń fa omi sínú ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀, egbò á sì máa kún láti inú bọ̀ síta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìrora ńlá yẹn, kì í dúró de ọ̀sẹ̀ kankan. Bí ọyún ṣe ń jáde ló ń lọ. Obìnrin yìí sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Wàyí o, mo ní màá padà sórí jẹ̀díjẹ̀dí tó ń dunni. Ọ̀kan wà tó máa ń da èèyàn láàmú bí eéwo. Ẹ̀jẹ̀ lè dì lójijì nínú iṣan tó wà ní etí ihò ìdí, lábẹ́ awọ tó mọ ìrora yẹn. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn tí èèyàn fi agbára yàgbẹ́ tàbí tó gbé ẹrù wúwo, ó sì lè má ní ìdí kankan. Ìrora rẹ̀ wà lọ́sàn-án, ó wà lóru, ó tún wú. Kí la wá fi máa dá a mọ̀? Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ibi tó dojú kọ. Ẹni tó ní i lè sọ wákàtí tó dé fún ọ: "Mo jí, mo fọwọ́ kàn án, kókó kan ti wà níbẹ̀." Kò sí níbẹ̀ lálẹ́ àná. Kókó náà dá dúró gedegbe ní etí ihò gan-an, ó le, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí aró. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló ń le jù. Láti ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, tòní á máa kéré sí tàná, tó bá sì fi máa di ọjọ́ 7 sí 10, ìrora á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kókó náà á máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Eéwo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin eéwo burú ju ọjọ́ kejì rẹ̀ lọ, kókó ẹ̀jẹ̀ sì ń rọ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Kókó ẹ̀jẹ̀ kì í mú ibà wá. Bí ẹni tó ní i bá tètè dé, láàárín wákàtí 72, tí ìrora náà sì pọ̀ jù, a lè gé e kúrò. Tí ọjọ́ bá ti kọjá ìyẹn, ó sàn kí a fi í sílẹ̀, torí ara ti ń tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tó máa ń tan àwa dókítà pàápàá jẹ. Eéwo lè fara pamọ́ sáàárín ẹran inú àti ẹran òde tó di ihò ìdí, kí ó má wú síta rárá. Ẹni náà á ní ìgbẹ́ ń dun òun, a ó sì sáré sọ pé awọ ló ya. Ṣùgbọ́n tí a bá fara balẹ̀ bi í, á ní kò lọ láàárín ìgbẹ́ kan sí èkejì, ó kàn ń le sí i ni nígbà ìgbẹ́. Tí a bá rọra ya ìdí rẹ̀ wò, a kò ní rí ẹ̀ya kankan. Ìrora tí kò lọ, tí kò sí ẹ̀ya, tí kò sí kókó, ẹ jẹ́ kí ọkàn yín lọ sí ọyún tó fara pamọ́. Bí ibà bá tún wà níbẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ kò fẹ́ jáde dáadáa mọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n lè ní láti ya àwòrán inú rẹ̀, tàbí kí wọ́n kun un lóorun kí wọ́n tó lè wò ó dáadáa.

Àwọn tí mo máa ń bẹ̀rù fún jù ni àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Lára wọn, ọyún lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara lọ sí abẹ́ àti itan. Awọ ibẹ̀ á di dúdú tàbí kí ó máa lé ròrò, òórùn burúkú á máa jáde, bí a bá tẹ̀ ẹ́ á máa dún pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka, ìrora rẹ̀ á sì ju ohun tí ojú ń rí lọ. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka ìyẹn, kì í ṣe ọjọ́. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní kí n gba ìbéèrè. Bàbá kan níwájú ló kọ́kọ́ nawọ́: "Dókítà, tí ó bá ti rọ̀ láàárín, ṣé mi ò lè fún un fúnra mi ni?" Rárá, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí ẹ rí lókè kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá fún un, ìdajì á jáde síta, ẹ ó sì ti ìyókù wọ inú ọ̀rá. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ilé gún un, ẹ má fi ohun gbígbóná jó o. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti oògùn ìrora lè mú un rọ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń múra àtilọ rí dókítà, ibẹ̀ ló mọ.

Ìyá kan béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ pupa túmọ̀ sí jẹ̀díjẹ̀dí nígbà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀, Mà. Jẹjẹrẹ ìfun náà lè da ẹ̀jẹ̀ láìdunni, bí jẹ̀díjẹ̀dí ṣe ń dà á. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúdú tàbí tó pò mọ́ ìgbẹ́, ẹni tí bó ṣe ń yàgbẹ́ ti yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó ń rù láìmọ ìdí, àti ẹnikẹ́ni tó ti lé ní ọmọ ọdún 45 tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wo inú ìfun rẹ̀. Orí ìrora nìkan ni ọ̀nà tí mo kọ́ yín lónìí ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi wọn ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó dúró lẹ́yìn ló gbẹ̀yìn. Ó ní ti òun ti bẹ́ fúnra rẹ̀ láti oṣù mélòó kan, ìrora sì lọ lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n omi díẹ̀díẹ̀ ṣì ń jáde láti ojú kékeré kan níbẹ̀, á dí, á wú, á tún bẹ́. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní rárá, àfi tó bá ti fẹ́ bẹ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kúrò ní ti eéwo. Nínú èèyàn mẹ́ta tó ní eéwo níbẹ̀, ó kéré tán, bí ẹnì kan ló máa ń rí èyí: ẹṣẹ́ tó dí ní àkọ́kọ́ kò pa ojú rẹ̀ dé, ó ti la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan já láti inú ihò ìdí wá sí ara awọ. Físítúlà ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí dókítà bá la eéwo náà, ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ó bá dá bẹ́, nítorí náà kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Oògùn kì í dí ihò náà, ìpara kì í dí i. Iṣẹ́ abẹ ni, oníṣẹ́ abẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ẹran tó di ihò ìdí tó ihò náà gbà kọjá ṣe pọ̀ tó, nítorí tó bá gé púpọ̀ jù nínú ẹran yẹn, ẹni náà lè má lè mú ìgbẹ́ dúró mọ́. Mo ní kó wá sí kílíníìkì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó má sì fún ibẹ̀ kí ó tó dé.